"Hẹ́lòó" tí kò dárúkọ, tí kò sọ ohun tó fẹ́

Àwa tí a ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, a mọ ìkíni. Ẹni tó bá dúró síwájú ìsọ̀ mi á ní "ẹ kú ọjà o," èmi náà á dáhùn pé "ẹ ṣé o, a ó tà á." Ìkíni yẹn nìkan ti sọ púpọ̀: ó rí ibi tí mo wà, ó rí ohun tí mò ń ṣe lọ́wọ́, ó sì fẹ́ kó dáa fún mi. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrìn, kò sí èyí tí kò ní ìdí nínú wọn. Ìgbà tí ọjà wa wọ orí Wáásáàpù ni ìkíni mìíràn dé bá wa. "Hẹ́lòó." Ó ti tán. Nọ́ńbà tí n kò mọ̀ rí, agogo mẹ́fà àárọ̀, tí mo ṣì ń gbá iwájú ilé. Kò sọ ibi tó ti rí mi, kò sọ ohun tó wá ṣe.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi lẹ máa ń sọ pé kí n má dá irú ẹ̀ lóhùn rárá, pé onígbájúẹ̀ ni gbogbo wọn, wọ́n kàn ń wò ó bóyá nọ́ńbà náà ṣì ń ṣiṣẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Àkọ́kọ́, dídákẹ́ kò fi ẹnikẹ́ni pamọ́. Tí àmì méjì bá ti yọ lábẹ́ ohun tó kọ, ó ti mọ̀ pé ó dé orí fóònù mi, bí n kò tiẹ̀ ṣí i. Èkejì, púpọ̀ nínú àwọn tó ti fi owó gidi ra aṣọ lọ́wọ́ mi, "hẹ́lòó" lásán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé lórí fóònù nìyẹn, wọn ò ní èrò ibi kankan lọ́kàn.

Ẹ̀kọ́ yẹn náni lówó. Lọ́dún kan, hẹ́lòó mẹ́rin wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ àwọn tó fẹ́ fi mí ṣeré. Nígbà tí ẹkẹrin dé, inú ti ń bí mi. Mo kọ ọ́ sí i pé, "Ẹ wá ẹlòmíì jí owó rẹ̀, ojú mi ti là." Kò fèsì. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí oníbàárà mi àtijọ́ kan tó pè mí, ó ní ìyá ìyàwó òun ni òun fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí, pé wọ́n fẹ́ ra aṣọ ẹbí fún ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún wọn. Màmá yẹn ò mọ̀ ọ́n tẹ̀ púpọ̀, ọ̀rọ̀ kan yẹn ni wọ́n rí tẹ̀ kí wọ́n tó lọ wá dígí ojú wọn. Ẹni tó lè jẹ́ ìyá mi ni mo pè lólè. Mo pè wọ́n, mo kúnlẹ̀ lórí fóònù, wọ́n dárí jì mí. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n ti ra aṣọ náà.

Láti ìgbà náà, mo kì í fèsì sí ohun tí mo fura sí. Ohun tí ẹni náà sọ gan-an ni mo ń fèsì sí. Ó kí mi, màá kí i padà, màá kí i dáadáa, màá bi í léèrè ohun kan, màá sì fi fóònù sílẹ̀. Báyìí ni mo ṣe máa ń kọ ọ́: "Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀, kí sì ni ẹ fẹ́ kí n bá yín ṣe?" Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ ẹni tó kí mi. N kì í kọ "hẹ́lòó?" lẹ́ẹ̀kejì, n kì í fi àmì ìbéèrè lé e, n kì í pè é láti wádìí. Mo ti tọ́jú gbólóhùn yẹn sínú WhatsApp Business, lábẹ́ Quick replies. Mo kàn máa tẹ `/kini`, gbogbo rẹ̀ á jáde. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé inú dídùn ni mo fi kọ ọ́, mi ò fi ìbínú ọjọ́ náà kọ ọ́. Greeting message náà wà níbẹ̀, èyí tó ń lọ fúnra rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí èèyàn bá kọ̀wé sí ẹ, tàbí tí ẹ kò bá bára yín sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ 14, ṣùgbọ́n n kò tan án. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ pé èmi ni mo kí èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí pé àṣà wa gan-an ni wọ́n fi ń mú wa. Ìyá kan tó ń tà nítòsí mi rí "hẹ́lòó" lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n dáhùn. Ohun tó tẹ̀ lé e ni, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àbí ẹ ti gbàgbé mi ni?" Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Lọ́dọ̀ wa, ìtìjú ni kí èèyàn ẹni kíni kí a má mọ̀ ọ́n. Àyà ìyá náà já, wọ́n sáré wá orúkọ nínú orí wọn, wọ́n dárúkọ ọmọ àbúrò wọn tó wà n'Íbàdàn. "Èmi ni o, Màmá! Fóònù mi àtijọ́ ló bàjẹ́, ẹ tọ́jú nọ́ńbà yìí." Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n fi orúkọ ọmọ náà sí i. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ohun tó bá wá láti nọ́ńbà náà, orúkọ ọmọ wọn ló ń gbé jáde.

Lọ́jọ́ kejì, "ọmọ" náà ní òun wà ní ọsibítù, kí wọ́n bá òun fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ránṣẹ́. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì kì í ṣe ti ọmọ wọn. Wọ́n béèrè, ó ní ti nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n fi owó ránṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ fi nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́ pè wọ́n láti kí wọn, ara rẹ̀ le koko. Nígbà tí èmi àti ìyá jókòó tí a ka ọ̀rọ̀ náà láti òkè, ohun tó hàn sí wa ni pé olè yẹn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá ló fún un lórúkọ, ìyá ló fún un ní ìbátan. Gbogbo ohun tó fi jà wọ́n lólè, ọwọ́ wọn ló ti gbà á.

Nígbà tí irú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, báyìí ló lọ. Mo ti kí i, mo ti béèrè orúkọ.

"Ah ah! O ò mọ̀ mí mọ́?"

"Ẹ má bínú o, orúkọ yín ò jáde lórí fóònù mi. Ẹ dárúkọ yín, kí n lè kí yín bó ṣe yẹ."

"Ṣáà dárúkọ ẹnì kan ná."

N kò kọ nǹkan kan mọ́. N kò bú u, n kò sọ fún un pé mo ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, torí ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ sọ, èébú náà ọ̀rọ̀ ni lójú rẹ̀. Ẹ má sì rò pé mo fi èyí pàdánù ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ lọ sílé ìwé girama ti fi nọ́ńbà tuntun ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo ní kó dárúkọ, ó rẹ́rìn-ín, ó dárúkọ, a sì jọ sọ̀rọ̀ di alẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí kò ní jẹ́ kí n bẹ òun lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ orúkọ rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé nǹkan ìrànlọ́wọ́ ló tẹ̀ lé orúkọ náà, nọ́ńbà àtijọ́ tí mo ní lọ́wọ́ ni màá pè kí n tó ṣe ohunkóhun.

Èyí tó jẹ́ ìdánwò lásán kò le. Ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù fún, tàbí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá dátà rẹ̀ ti wọlé, "ó ti dé o" ti tó o.

Èyí tó wá fín mi níràn ló gba sùúrù. Ẹnì kan kọ ọ́ sí mi lágogo mọ́kànlá alẹ́ pé, "Hẹ́lòó, ẹ̀yin oníjìbìtì tí aṣọ yín ń ṣí." Ìka mi ti gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn yẹn, ó lè ní òótọ́ díẹ̀ nínú: àdìrẹ tí a fi aró pa máa ń tú aró sómi nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, oníbàárà tí a kò bá ṣàlàyé fún á rò pé a rẹ́ òun jẹ. Ibi tó lè jẹ́ òótọ́ yẹn ni mo fèsì sí, mo fi èébú sílẹ̀ níbi tó wà. "Ẹ kú alẹ́ o. Bí aṣọ tí ẹ rà lọ́wọ́ mi bá ṣí, ẹ fi àwòrán rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ rà á ránṣẹ́ sí mi, màá wò ó." Oníbàárà tí inú ń bí á fi àwòrán ránṣẹ́. Ẹni yìí fi èébú mìíràn ránṣẹ́, ó fi ìyá mi kún un. Mo dákẹ́. Irú wọn ń wá ìlà kan tí wọ́n lè yà láwòrán lórí fóònù wọn, kí wọ́n gé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ kúrò lókè, kí wọ́n gbé tèmi nìkan káàkiri. Nítorí náà, kí n tó tẹ èsì kankan lọ, mo máa ń kà á sókè bí ẹni pé oníbàárà mi mìíràn dúró níwájú ìsọ̀ tó ń gbọ́.

Mo máa ń bulọ́ọ̀kì o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹni tó bá ní kí n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù mi fún òun, pé òun ló ṣèèṣì fi í ránṣẹ́, ojú ẹsẹ̀ ni mo ń bulọ́ọ̀kì rẹ̀, torí kọ́kọ́rọ́ Wáásáàpù mi ló ń tọrọ yẹn. Ẹni tó bá ń bú òbí mi náà, mo ń bulọ́ọ̀kì rẹ̀. Ṣùgbọ́n "hẹ́lòó" nìkan, rárá.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọ̀kan wọlé. Mo kí i, mo béèrè, kò dáhùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ, Ọjọ́rú lọ. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, fóònù mi dún lórí àpótí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ẹ má bínú, dátà mi ló tán. Èló ni yáàdì márùn-ún ẹlẹ́kọ?"