Ìbọwọ́ WireGuard kò sọ pé ọ̀nà já dé ọ̀dọ̀ sáfà

Láàárín àwa tí a ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní Àjàṣẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́: bí WireGuard, ètò tó ń la ọ̀nà abẹ́lẹ̀ láàárín ẹ̀rọ méjì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bá ti bọwọ́, tí `latest handshake` sì hàn lójú ẹ̀rọ, ọ̀nà abẹ́lẹ̀ ti dára nìyẹn, bí sáfà kò bá wá dáhùn, fáyáwọ́ọ̀lù rẹ̀ ló ń dènà. Èmi náà gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun méjì péré ni ìbọwọ́ ń jẹ́rìí sí: pé kọ́kọ́rọ́ ìhà méjèèjì bára mu, àti pé UDP ń lọ, ó sì ń bọ̀ láàárín wọn. Kò mọ ohunkóhun nípa àwọn ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ẹni tó bọ̀ lọ́wọ́.

Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó ń ṣe ìṣirò owó, ń ti ilé rẹ̀ ní Kétu wọ nẹ́tíwọọ̀kì ọ́fíìsì wa. Ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti bọwọ́, àmọ́ fáìlì kankan kò ṣí." Àdírẹ́sì tirẹ̀ nínú ọ̀nà abẹ́lẹ̀ ni 10.8.0.2. Ní ọ́fíìsì, ẹ̀rọ tó gbé WireGuard ń jẹ́ 192.168.10.5, sáfà fáìlì ń jẹ́ 192.168.10.20, rúútà sì ń jẹ́ 192.168.10.1. Mo ní kó fi `ping` kan 192.168.10.5, ó dáhùn. Ó kan 192.168.10.20, kẹ́kẹ́ pa. Ni a bá pa fáyáwọ́ọ̀lù sáfà. Kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Ìdáhùn 192.168.10.5 yẹn ló máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ̀rọ WireGuard fúnra rẹ̀ ni. Ó mọ ibi tí 10.8.0.2 wà, kò nílò kí ẹnikẹ́ni fọ̀nà hàn án. Ohun kejì tó ń tan ni jẹ ni iye tí `wg show` ń kọ sí `received`. Ó ń pọ̀ sí i, ni àwọn kan bá ní èsì ń wọlé. Ìbọwọ́ kọ̀ọ̀kan ń dá báìtì 92 padà fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ẹnì kejì bá sì gba ẹrù tí kò ní èsì láti fi ránṣẹ́, yóò fi báìtì 32 sọ pé òun ṣì wà níbẹ̀. Èyí nìkan tó láti mú iye náà gòkè díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé sáfà sọ ọ̀rọ̀ kan.

Mo wá lọ tẹ́tí sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹ̀rọ WireGuard, `wg0` tó kọjú sí ọ̀nà abẹ́lẹ̀ àti `eth0` tó kọjú sí ọ́fíìsì, fèrèsé kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan:

```
tcpdump -ni wg0 icmp
tcpdump -ni eth0 icmp
```

Ká ní ìbéèrè hàn ní `wg0` tí kò sì hàn ní `eth0` ni, ẹ̀rọ náà ni kò gbé e kọjá. À bá yẹ `net.ipv4.ip_forward` wò bóyá 1 ni. Ìbéèrè tiwa hàn níbi méjèèjì. Èsì ni kò sí. Mo wọ inú sáfà, mo tẹ́tí síbẹ̀ náà, mo sì rí i pé ó ń dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan! Mo bi í pé ọ̀nà ibo ló ń gbà:

```
$ ip route get 10.8.0.2
10.8.0.2 via 192.168.10.1 dev eth0
```

Rúútà ló ń kó èsì fún, rúútà kò sì gbọ́ orúkọ 10.8.0.0/24, àwọn àdírẹ́sì ọ̀nà abẹ́lẹ̀ wa, rí, ó tì í síta sí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ló parẹ́ sí. Ó dà bí ẹni tó ti Kétu gba Pọ́bẹ̀ àti Ṣakété dé Àjàṣẹ́ láìṣìnà, tí wọ́n wá fi í sínú ọkọ̀ Kùtọnu nígbà tó ń padà sílé.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a sọ fún rúútà pé 10.8.0.0/24 wà lọ́dọ̀ 192.168.10.5. Ṣùgbọ́n àwọn rúútà kan wà tí wọ́n ń da èsì nù bí ìbéèrè rẹ̀ kò bá gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, inú sáfà gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sí:

```
ip route add 10.8.0.0/24 via 192.168.10.5
```

Èyí yóò pòórá bí sáfà bá kú tó tún tàn, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì ètò nẹ́tíwọọ̀kì rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ń lo `MASQUERADE` dípò èyí, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ gbogbo ẹni tó bá ti ọ̀nà abẹ́lẹ̀ wọlé ni sáfà yóò máa pè ní 192.168.10.5. Níbi tí owó wà, mo fẹ́ mọ ẹni tó ṣí fáìlì, n kò lò ó.

Fáyáwọ́ọ̀lù lè jẹ̀bi lóòótọ́: bí ìbéèrè bá dé inú sáfà tí èsì kankan kò jáde níbẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ fura sí i. Tiwa tí a pa, mo tún un tàn lálẹ́ ọjọ́ náà, fáìlì àbúrò wa sì ń ṣí.