Gbólóhùn tó le ló máa ń di àdéhùn mú

Èrò ọkàn mi rèé: bí ẹnikẹ́ni bá bá yín tún àtẹ̀jíṣẹ́ kọ kó lè dùn létí, ibi tó ti rọ̀ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ wa máa ń wo iye owó nìkan ká tó fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó le létí ló sábà máa ń di àdéhùn mú, òun náà sì ni ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ ṣe máa ń kọ́kọ́ yọ.

Màmá kan tó ń ta ẹ̀wà ní Kúbwà níbí sanwó àpò 40 fún bàbá kan ní ọjà Dáwánáù, ní Kánò. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá náà, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ̀wé síra wọn. Ohun tí Màmá kọ nìyí:

"Alhájì, àpò 36 ni mo rí gbà nínú 40. Kòkòrò ti jẹ 3 nínú rẹ̀. Ẹ fi àpò 7 ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ dá owó wọn padà. Bí 7 náà bá pé, tí kò sì sí kòkòrò nínú wọn, èmi ni n ó san owó ọkọ̀."

Ọmọ wọn ní ó ti le jù, ló bá tún un kọ:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Alhájì wa. Ẹ ṣeun fún àpò 36. Ó ku 7, kòkòrò sì wà nínú díẹ̀. Inú wa á dùn bí a bá rí i gbà láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ má ṣèyọnu nípa owó ọkọ̀, a ó san án."

36 wà níbẹ̀, 7 náà wà níbẹ̀, àmọ́ 40 ti sọnù. Ẹni tó bá ro 36 pọ̀ mọ́ 7 á ní àpò 43 ni Màmá sanwó fún. Ọjọ́bọ̀ ti di "láàárín ọ̀sẹ̀", owó tó yẹ kí wọ́n dá padà kò sí mọ́. Èyí tó dùn mí jù ni ti owó ọkọ̀: "bí" ti kúrò níwájú ìlérí Màmá, wọ́n á san án bí kòkòrò tiẹ̀ kún inú àpò.

Bí mo ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé mo máa ń bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Látinú èyí tí wọ́n tún kọ nìkan, mo á kọ ẹni tó máa ṣe nǹkan sílẹ̀, ohun tó máa ṣe, ọjọ́ tó máa ṣe é, àti ohun tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo á ṣí ti àkọ́kọ́, mo á fi wéra. Ẹ wá àfikún náà o, kì í ṣe àyọkúrò nìkan: "ẹ má ṣèyọnu" yẹn, Màmá kò sọ ọ́ rárá.

Kò pọn dandan ká jù ìkíni ọmọ náà nù. A fi í síwájú, a dá ọ̀rọ̀ Màmá padà sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Alhájì wa, ẹ ṣeun. Nínú àpò 40, 36 ló dé, kòkòrò ti jẹ 3. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi 7 ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀, tàbí kí ẹ dá owó wọn padà. Bí 7 bá pé láìsí kòkòrò, èmi ni n ó san owó ọkọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe fi ránṣẹ́.