Iyọ̀ òkun ni àbí iyọ̀ tó ní ayodíìnì?

Abẹ̀ní: Ẹ dákun, ọrùn mi ti wú díẹ̀ láti bí ọdún méjì, wọ́n ní gẹ̀gẹ̀ ni. Mo ti wá lóyún oṣù mẹ́ta. Iyọ̀ òkun ni mò ń jẹ, torí wọ́n ní ó mọ́ ju èyí tí wọ́n fi ayodíìnì sí lọ. Ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú oríire oyún o! Ìbejì ni lágbára Ọlọ́run.

Ọmọ Òkun: Ẹ má pààrọ̀ nǹkan kan. Ṣebí inú òkun ni ayodíìnì wà? Iyọ̀ òkun ti ní in látilẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35, ayodíìnì inú rẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi máíkírógíráàmù 60 lọ. Ká tiẹ̀ ní gbogbo rẹ̀ dúró sínú iyọ̀, tí kì í sì í dúró, gíráàmù 5 iyọ̀ òkun ò lè fúnni ní máíkírógíráàmù 10. Èyí tí wọ́n bá fi ayodíìnì mílígíráàmù 30 sí kílò kan rẹ̀, gíráàmù 5 náà yóò fúnni ní 150. Ohun tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ nìyẹn. Ti aboyún ń lọ sí 250.

Bàbá Rìsí: Iyọ̀, iyọ̀, iyọ̀! Dókítà ní kí n jìnnà sí iyọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀yin ń pè wá wá jẹ ẹ́. Ẹ fẹ́ pa wá ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Bàbá, ẹnì kan ò ní kẹ́ ẹ fi kún un. Ìwọ̀nba tí wọ́n fún yín náà ni, kó ṣáà jẹ́ èyí tó ní ayodíìnì.

Ọmọ Òkun: Ẹja ńkọ́? Ẹja ò ní ayodíìnì ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹja òkun ní in dáadáa. Ẹja kọ́ là ń sọ, iyọ̀ là ń sọ.

Ọmọ Òkun: Ẹ ti gbà báyìí pé inú òkun ló ti ń wá! Ó parí!

Ẹlẹ́fẹ̀: Onígẹ̀gẹ̀ fìlẹ̀kẹ̀ dòpó. Abẹ̀ní, ẹ bá wa ta ìlẹ̀kẹ̀ yín ná 😂

Ìyá Ìbejì: Ẹlẹ́fẹ̀, aboyún lò ń fi ṣẹ̀fẹ̀ yẹn o.

Àjàní: Èmi ní gẹ̀gẹ̀, mo sì fi ọdún gbọọrọ jẹ iyọ̀ òkè tí ò ní nǹkan kan. Ìgbà tí mo pààrọ̀ sí ti ayodíìnì ni wàhálà dé: àyà mi ń lù kìkì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo ń rù. Ẹ ṣọ́ra.

Ọmọ Òkun: Ẹ gbọ́ bí?! MO TI SỌ!

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ohun tí Ẹ̀gbọ́n Àjàní wí máa ń ṣẹlẹ̀. Bí gẹ̀gẹ̀ bá ti pẹ́ tó ti di kókó-kókó, àwọn kókó mìíràn nínú rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí ọpọlọ lẹ́nu mọ́. Bí ayodíìnì bá wọlé lójijì, wọ́n á máa ṣe họ́mọ̀nù ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí Abẹ̀ní fi gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún tairọ́ìdì, ẹ̀yà ọrùn tó ń fi ayodíìnì ṣe họ́mọ̀nù yẹn, kí wọ́n sì ya àwòrán ọrùn, kó tó gbé oògùn ayodíìnì mì. Iyọ̀ tiẹ̀, kó pààrọ̀ rẹ̀.

Àjàní: Ṣé gẹ̀gẹ̀ tèmi á wá wọlẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ti ọmọdé máa ń wọlẹ̀. Ti àgbà tó ti le, iyọ̀ kì í sábà gbé e lọ.

Ọmọ Òkun: Kí wá ni ìwúlò rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ọmọ inú! Títí oyún á fi tó ọ̀sẹ̀ 16 sí 20, họ́mọ̀nù ìyá ni ọpọlọ ọmọ gbára lé jù lọ, torí tairọ́ìdì tirẹ̀ ò tíì lè dá ṣe é tó. Bí ti ìyá bá kéré púpọ̀ lásìkò yẹn, ọmọ lè má gbọ́ràn dáadáa, ó lè má tètè rìn, ìwé á sì nira fún un. Kò sí iyọ̀ tó ń dá ìyẹn padà tó bá yá.

Tíṣà Láńre: Orílẹ̀-èdè Siwitsaláńdì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayodíìnì sí iyọ̀ láti 1922. Òkè ni wọ́n ń gbé, òjò ti fọ ayodíìnì kúrò nínú ilẹ̀ wọn.

Ọmọ Òkun: Ṣé ẹ rí i? Òkè! Wọn ò sún mọ́ òkun ni!

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Gẹ̀gẹ̀ wà létí òkun náà, Ọmọ Òkun.

Ọmọ Òkun: Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ò lè mọ òkun ju èmi lọ.

Ẹlẹ́fẹ̀: Àwọn méjèèjì yìí, ẹ kúkú fẹ́ra yín.

Bàbá Rìsí: Èmi ò jẹ iyọ̀ o, mo ti sọ tèmi.

Ìyá Ìbejì: Abẹ̀ní dà?