Ẹni Tó Pààrọ̀ Ọ̀rọ̀ Làgbájá Kò Tíì Ní Èrò Tirẹ̀

Ohun tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá ní Àjàṣẹ́ àti Kétu ni pé bí ẹ̀rọ ayẹ̀wò ìjọra kò bá ti rí ohun kan tọ́ka sí, iṣẹ́ mọ́. Èrò wa nínú ìwé ìròyìn yìí ni pé ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, àti pé àwọn ìgbìmọ̀ adánniwò tí wọ́n ń wo iye ìdá ọgọ́rùn-ún tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀, tí wọn kò sì wo ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kà, ń ràn án lọ́wọ́ láti gbilẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé ara wọn bákan náà ni ẹ̀rọ ń wá. Kò mọ èrò.

Ẹ jẹ́ kí a fi gbólóhùn tí àwa fúnra wa kọ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní òǹkọ̀wé kan, Làgbájá, kọ ọ́ pé: “Lẹ́yìn tí ogun Dàhòmì tú Kétu ká ní 1886, odi ìlú àti ẹnubodè Àkábà Ìdẹ̀nà ni ó jẹ́ kí àwọn tó kù mọ ibi tí wọn yóò padà sí ní 1894.” Tàmẹ̀dù tó ń kọ àpilẹ̀kọ wá kọ tirẹ̀ báyìí: “Nígbà tí àwọn jagunjagun Dàhòmì ti fọ́n Kétu ká lọ́dún 1886, ògiri ìlú àti ẹnu ọ̀nà Àkábà Ìdẹ̀nà ló mú kí àwọn tó ṣẹ́kù dá ojúko tí wọn máa padà sí mọ̀ ní 1894.” “Tú ká” di “fọ́n ká”, “odi” di “ògiri”, “tó kù” di “tó ṣẹ́kù”, ṣùgbọ́n egungun gbólóhùn náà kò yẹ̀ rárá. Rebecca Moore Howard, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ló fún irú ìkọ̀wé alábùlẹ̀ yìí ní orúkọ ní àwọn ọdún 1990: a yọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, a yí gírámà padà, a fi ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ rọ́pò. Kódà bí Tàmẹ̀dù bá kọ orúkọ Làgbájá sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ẹ̀bi kò tán, nítorí òǹkàwé yóò rò pé èrò nìkan ni ó yá, pé gbólóhùn jẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gbólóhùn náà, kí ó fi àmì àyọlò sí i. Bí kò bá fẹ́, kí ó pa ìwé dé, kí ó rò ó, kí ó kọ ohun tó yé e, lẹ́yìn náà kí ó ṣí ìwé padà láti fi wọ́n wé ara wọn, kí ó sì dárúkọ Làgbájá síbẹ̀.

Ọdún 1886 àti 1894 kò nílò ìtọ́kasí, nítorí gbogbo ẹni tó mọ ìtàn Kétu ló mọ̀ wọ́n. Ohun tí í ṣe ti Làgbájá ni àlàyé rẹ̀, pé odi ló fa àwọn ènìyàn padà. Bí Tàmẹ̀dù bá wá fi ogún ojú ìwé ṣàlàyé pé odi ni, láìsí gbólóhùn kan tó jọ ti Làgbájá, tí kò sì dárúkọ rẹ̀, ó ti gbé èrò olóhun lọ. Nínú ìlànà lórí ìwà àìtọ́ nínú ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2000, èrò ni wọ́n kọ́kọ́ dá nínú ohun tí ènìyàn lè jí, lẹ́yìn náà ọ̀nà ìṣiṣẹ́ àti àbájáde. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n dá kẹ́yìn.

Ìpalára irú olè yìí fún ìtàn tiwa ju ti olóhun tí wọ́n jí èrò rẹ̀ lọ. Ẹnu àwọn àgbà ni púpọ̀ nínú ìtàn Kétu ti wá, ìdí nìyẹn tí a fi ń ka iye ẹlẹ́rìí. Lọ́la, ẹlòmíràn yóò ka Làgbájá àti Tàmẹ̀dù, yóò sì kọ ọ́ pé ẹlẹ́rìí méjì tí kò mọ ara wọn fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ odi, nígbà tó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló sọ ọ́. Bí Làgbájá bá sì ṣìnà, àṣìṣe kan yóò di òtítọ́ ẹlẹ́rìí méjì. Bákan náà ni ti bàbá àgbà tó jókòó sọ ìtàn fún akẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀ títí ọ̀sán, tí ọgbọ́n rẹ̀ sì jáde nínú àpilẹ̀kọ bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ronú rẹ̀.

Èyí tó tún wọ́pọ̀ ní agbègbè wa ni ìtumọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú ìwé òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì láti Nàìjíríà, yóò tú u sí Faransé ní ìpínrọ̀ ìpínrọ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀rọ kò sì ní fura. Ojú ènìyàn ló ń rí i: àpẹẹrẹ kan náà, ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan náà, àní àṣìṣe kan náà.

Howard fúnra rẹ̀ sọ pé ìkọ̀wé alábùlẹ̀ máa ń jẹ́ ìpele ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti í kọ̀wé, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, a kò ní kí wọ́n lé ọmọ ọdún kìn-ín-ní kúrò níléèwé. Kí olùkọ́ dá iṣẹ́ padà, kí ó fi gbólóhùn méjèèjì hàn án. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ẹni tó ń gba ìwé ẹ̀rí àṣekágbá, kí ìgbìmọ̀ mú ìpínrọ̀ mẹ́ta, kí wọ́n ní kí ó gbé ìwé tó kà àti àkọsílẹ̀ tó ṣe nígbà tó ń kà á wá, kí wọ́n tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èyí tó jẹ́ ti Làgbájá àti èyí tó jẹ́ tirẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní máàkì.