Wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé bàálù Ààrẹ ní Faransé, ọmọ Nàìjíríà ò lè fọwọ́ kan àkáǹtì ìjọba nílé

Ọ̀rọ̀ bàálù Ààrẹ mẹ́ta tí kọ́ọ̀tù Paris ní kí wọ́n dá dúró nínú oṣù kẹjọ ọdún 2024, torí gbèsè ìdájọ́ tí Nàìjíríà jẹ iléeṣẹ́ Zhongshan ti ilẹ̀ Ṣáínà, ti kárí ọjà, ó ti kárí inú mọ́tò, kò sídìí tá a fi máa tún un rò látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ pé iléeṣẹ́ Zhongshan ti yọ̀ǹda ọ̀kan, Airbus yẹn, kí Ààrẹ Tinubu lè rí nǹkan gbé lọ bá Macron. Ìtìjú ni, àmọ́ èsì tó jáde láti Abuja ló bí wa nínú ju ìtìjú náà lọ. Wọ́n ní bàálù ìjọba ni, pé òfin àgbáyé dáàbò bò ó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, wọ́n tún ní ọgbà lásán làwọn ará Ṣáínà náà ṣe yí ilẹ̀ tí wọ́n fún wọn ní Ògùn ká.

Ọ̀rọ̀ ọgbà ti kọjá. Ìgbìmọ̀ onílàjà tó jókòó sórí ọ̀rọ̀ náà ní London ti gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì, Lord Neuberger tó ti ṣe olórí kọ́ọ̀tù tó ga jù ní Britain rí ló ṣe alága, lọ́yà ọmọ Nàìjíríà tó gba oyè SAN, Rotimi Oguneso, wà lára wọn. Wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Iléeṣẹ́ Zhongshan ní àdéhùn pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn láti máa bójú tó àgbègbè òwò ọ̀fẹ́ tó wà ní Igbesa, nígbà tó di ọdún 2016 ìjọba yẹn já àdéhùn, wọ́n lé wọn kúrò, ọlọ́pàá mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2021 ìgbìmọ̀ náà ní kí Nàìjíríà san dọ́là mílíọ̀nù 55.6 fún àdéhùn tí wọ́n já, kí wọ́n tún san dọ́là 75,000 lọ́tọ̀ fún ìyà tí wọ́n fi jẹ ọkùnrin yẹn, èlé àti owó lọ́yà tún wà lórí ẹ̀. Ìjọba Ògùn ló ṣe é, gbogbo Nàìjíríà ló ń jìyà ẹ̀, torí Abuja ló tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ààbò òwò pẹ̀lú Ṣáínà lọ́dún 2001, lójú òfin yẹn ohun tí gómìnà ṣe, orílẹ̀èdè ló ṣe é.

Kí ni ìjọba wa wá ṣe nígbà tí ìdájọ́ dé? Kọ́ọ̀tù ní London fún wọn ní ọjọ́ 74 láti wá sọ ohun tí wọ́n bá ní í sọ. Wọ́n jẹ́ kí ọjọ́ pé, ó kọjá, kí wọ́n tó wá, wọ́n wá ń pariwo pé orílẹ̀èdè làwọn, pé kò sẹ́ni tó lè pe orílẹ̀èdè lẹ́jọ́. Kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn níbẹ̀ dá wọn lóhùn ní oṣù keje ọdún 2023 pé ẹ ti pẹ́ jù. Ní Amẹ́ríkà náà, kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn Washington sọ nínú oṣù kẹjọ ọdún 2024 kan náà pé ààbò tí wọ́n ń pè yẹn ò bá ìdájọ́ onílàjà lọ. Ibi tí bàálù ti wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Àmọ́ kì í ṣe torí àwọn ará Ṣáínà la ṣe ń kọ̀wé yìí, wọ́n ní lọ́yà tiwọn. Torí ọmọ Nàìjíríà tí ìjọba já àdéhùn rẹ̀ bákan náà, tí kò ní Paris tó máa sá lọ, la ṣe ń kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan ta àga àti tábìlì iléèwé fún iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ kan. Ó ní ìwé tí wọ́n fi ní kó kó ọjà wá, ó ní ìwé tí ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ fọwọ́ sí pé ọjà pé, inú ẹ̀ ń dùn pé ìjọba ló ń bá ṣòwò. Ìbò dé, gómìnà yí padà, wọ́n ní ìjọba tó kọjá ló gbé iṣẹ́ yẹn síta, kó lọ bá wọn. Ó gba kọ́ọ̀tù lọ, ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún, ó jàre. Ṣé ó ti parí nìyẹn? Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ká ní aládùúgbò ẹ̀ ló jẹ ẹ́ ni, lọ́yà ẹ̀ á lọ bá kọ́ọ̀tù kí wọ́n pàṣẹ fún báǹkì pé kí wọ́n dá owó dúró nínú àkáǹtì onígbèsè, tí báǹkì ò bá ní àlàyé kan, wọ́n á san án fún un. Àṣẹ yìí làwọn lọ́yà ń pè ní gáníṣíì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé owó náà wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba nídìí iṣẹ́ ẹ̀, abala 84 òfin Ṣẹ́ríìfù, òfin tó sọ bí wọ́n ṣe ń gba owó ìdájọ́, ní kọ́ọ̀tù ò gbọdọ̀ ṣe àṣẹ yẹn rárá àfi tí agbẹjọ́rò àgbà bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ti ìjọba àpapọ̀ tó bá jẹ́ owó àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ tó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀.

Ta ni agbẹjọ́rò àgbà yẹn? Òun ni kọmíṣánnà tí àwọn lọ́yà iléeṣẹ́ ẹ̀ dúró ta ko obìnrin yìí láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò tiẹ̀ ní láti sọ pé òun ò gbà. Kó má ṣáà ti dáhùn lẹ́tà ni. Fáìlì á wà níbẹ̀, náírà á máa já wálẹ̀, obìnrin yẹn á máa san èlé owó tó yá ní báǹkì láti fi ra pákó àti irin. Ẹni tó bá dé iléeṣẹ́ ìdájọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí mọ èsì tí wọ́n máa ń fúnni: ẹ lọ ná, ọ̀gá ò tíì rí i.

Kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ wa gbìyànjú díẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín Báǹkì Àpapọ̀ àti iléeṣẹ́ Interstella, wọ́n ní níbi tó bá jẹ́ pé agbẹjọ́rò àgbà fúnra ẹ̀ wà lára àwọn tó jẹ gbèsè, kò sídìí láti lọ máa tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹ̀, torí ẹnìkan ò lè ṣe adájọ́ nínú ẹjọ́ ara ẹ̀. A dúpẹ́. Àmọ́ ibi tí kì í bá ti ṣe òun fúnra ẹ̀ ni wọ́n pè lẹ́jọ́, tó jẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba kan lásán, abala 84 ṣì wà níbẹ̀ tí lọ́yà ìjọba á máa nawọ́ sí.

A ti kọ ọ́ nínú ìwé yìí rí pé ìyọ̀ǹda yìí kì í ṣe nǹkan tuntun, nǹkan àtijọ́ tó yí ibi ìjókòó padà ni. Nígbà àwọn òyìnbó, tí ìjọba bá já àdéhùn ẹ, o ò lè pè é lẹ́jọ́ àfi kí gómìnà kọ́kọ́ gbà pé kó o pè é. Tó bá jẹ́ pé ìjọba ṣe ẹ́ léṣe ni, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdéhùn, kò tiẹ̀ sí ibì kankan tó o lè gbé e lọ, torí òfin ilẹ̀ England tí wọ́n gbé lé wa lórí bó ṣe wà ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900 sọ pé ọba kì í jẹ̀bi. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Aláàfin tó bá ṣẹ̀ kọjá àlà, Ọ̀yọ́ Mèsì á gbé igbá fún un. Àwọn òyìnbó tó ni òfin náà pàápàá pa á tì nílé wọn lọ́dún 1947, àwa la dì í mú.

Ẹ rántí ohun tó fà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977 àwọn sójà ya wọ ilé Fela ní Agege Motor Road, wọ́n lù wọ́n, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n ju Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti láti ojú fèrèsé, ìyá náà ò gbádùn mọ́ títí tó fi kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Ìwádìí ìjọba ní sójà tí wọn ò mọ̀ ló ṣe é. Àwọn ẹbí pe ìjọba lẹ́jọ́, wọ́n ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 25 náírà. Kọ́ọ̀tù gbà pé ìwà ìkà ni, síbẹ̀ ó fagi lé ẹjọ́ náà, torí ìjọba kì í jẹ̀bi. Ó di ọdún 1985 kó tó dé kọ́ọ̀tù tó ga jù, wọ́n tún pàdánù níbẹ̀. Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣó sọ pé ó ba òun nínú jẹ́, ó ní òfin ilẹ̀ wa tọdún 1979 ti mú ààbò yẹn kúrò, àmọ́ ọdún 1977 ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀, òfin tuntun náà ò lè padà sẹ́yìn láti gbà wọ́n.

Abala 6 òfin yẹn, tó ṣì wà nínú ti 1999, ló jẹ́ kí kọ́ọ̀tù lè gbọ́ ẹjọ́ láàárín ìjọba àti ẹnikẹ́ni. A ò ní láti tọrọ àṣẹ gómìnà ká tó wọlé mọ́. Àṣẹ náà ló wá dúró sẹ́nu ọ̀nà tá a máa gbà jáde báyìí, nígbà tá a ti jàre tán.

Ìyẹn fún ẹni tó tiẹ̀ rí kọ́ọ̀tù dé o. Òfin kan wà tí wọ́n fi ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, láti 1916 ló ti wà, ó ní tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ṣe ẹ́ ní nǹkan nídìí iṣẹ́ ẹ̀, oṣù mẹ́ta péré lo ní láti pè é lẹ́jọ́. Láti ọdún 1998 kọ́ọ̀tù tó ga jù ti sọ pé iléeṣẹ́ ìjọba náà wà lábẹ́ ẹ̀. Kò kan ọ̀rọ̀ àdéhùn, àmọ́ tí típà kánsù bá gbá ọlọ́kadà kan, tí egungun itan ẹ̀ ṣẹ́, tó lo oṣù mẹ́rin lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ẹjọ́ ẹ̀ ti kú kó tó lè dìde rìn dé ọ́fíìsì lọ́yà. Ìjọba àpapọ̀ tó ní gbogbo lọ́yà Abuja ò lè pa ọjọ́ 74 mọ́ ní London, tálákà tí wọ́n so ẹsẹ̀ ẹ̀ rọ̀ ni wọ́n ń ka oṣù mẹ́ta fún.

A mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní tí abala 84 bá lọ, àwọn lọ́yà á gbá owó oṣù òṣìṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì nínú báǹkì. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin nígbà náà pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àkáǹtì owó oṣù àti ti ìfẹ̀yìntì, ẹ fi àwọn tó kù sílẹ̀. Wọ́n á tún dárúkọ iléeṣẹ́ tó bá wa ṣẹjọ́ lórí àdéhùn gáàsì, P&ID, pé àwọn gbájú-ẹ̀ wà tó fẹ́ fi ìdájọ́ kó owó ìlú. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ rántí bí a ṣe bọ́ lọ́wọ́ P&ID: a lọ sí kọ́ọ̀tù ní London, a fi ẹ̀rí hàn pé jìbìtì ni, Adájọ́ Knowles sì da owó tó lé ní dọ́là bílíọ̀nù 11 nù ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ẹ̀rí la fi borí, kì í ṣe pé a kọ̀ láti dáhùn lẹ́tà.

Ohun tá a ń bèèrè lọ́wọ́ Agbẹjọ́rò Àgbà Lateef Fagbemi ò ju kó gbé àtúnṣe abala 84 lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí ìyọ̀ǹda yẹn kúrò pátápátá, tí wọn ò bá sì gbà, ó kéré tán kí wọ́n fún agbẹjọ́rò àgbà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fi ìdí tí kò fi gbà sínú ìwé, tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá tí kò fèsì, kí kọ́ọ̀tù máa ṣe àṣẹ ẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́ta òfin 1916 yẹn náà, kí wọ́n sọ ọ́ di ọdún mẹ́ta. Gbogbo ìpínlẹ̀, kí wọ́n máa kọ gbèsè ìdájọ́ tí wọ́n jẹ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún, orúkọ ẹjọ́ àti iye owó. Ìjọba Ògùn ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n gbé lẹ́tà tí wọ́n fi já àdéhùn Igbesa lọ́dún 2016 síta, kí wọ́n sọ ẹni tó gbà wọ́n nímọ̀ràn láti kọ ọ́ àti ẹni tó ní kí ọlọ́pàá lọ mú ọkùnrin yẹn.