Kẹ́ ẹ tó ra sípíkà tuntun, ẹ wo ojú àwọ̀n rẹ̀ ná

Èrò ọkàn mi nìyí, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń lo fóònù l'Ékòó gbọ́ ọ: ọ̀pọ̀ sípíkà tí àwọn èèyàn ń sanwó pààrọ̀ kò bàjẹ́ rárá. Ìdọ̀tí ló dí i lójú. Èyí tó tún ń dùn mí jù ni àwọn sípíkà tó yè kooro, tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́ ọ kó lè mọ́ ló pa á.

Ẹ yí ìdí fóònù yín sókè kẹ́ ẹ wò ó. Àwọn ihò kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ihò ṣájà yẹn kọ́ ni sípíkà. Ẹnu ọ̀nà lásán ni wọ́n. Lẹ́yìn wọn ni àwọ̀n kan wà tí ojú rẹ̀ kéré gan-an, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ yíká. Lẹ́yìn àwọ̀n ni ọ̀nà kúkúrú kan tó wọ inú àpótí sípíkà lọ. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà níbẹ̀ tó ń gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀, tó ń ti afẹ́fẹ́ jáde gba ojú àwọ̀n. Afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n yẹn ni ohùn tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́. Ibi tí kò bá ti rọ́nà jáde, ohùn á há síbẹ̀.

Àwọ̀n yẹn ni wọ́n fi síbẹ̀ kó máa gba ìdọ̀tí mú, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ìdọ̀tí tó ń dín ohùn kù kì í sábà jìn. Inú ihò àti ojú àwọ̀n ló ń dúró sí, bíi mílímítà 1 tàbí 2 sí ìta. Ìta ló wà, ìta náà ló yẹ kó gbà jáde. Ohunkóhun tó bá tì í wọ inú ti sọ ìṣòro kékeré di ńlá.

Bí ojú àwọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dí, gbogbo ohùn kọ́ ló ń dín kù lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn tín-ín-rín ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Orí ohùn tín-ín-rín yẹn sì ni ìró s, ṣ àti f wà. Nítorí náà, ẹ ó mọ̀ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, ẹ ó tiẹ̀ mọ ẹni náà, ẹ ó gbọ́ ibi tí ohùn ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ̀ bóyá "sá" ló wí tàbí "fá". Ẹ fi kún fọ́lúùmù, ohùn kíkẹ̀ nìkan ni yóò máa pọ̀ sí i. Bí ohùn bá wálẹ̀ tó sì dí báyìí, tí kò sì ń ta pàrà-pàrà, ìdọ̀tí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń ta léèsì ní Balógun. Látàárọ̀ ṣúlẹ̀, inú àpò tó dè mọ́ ìbàdí ni fóònù rẹ̀ ń wà, ìdí fóònù ló sì kọjú sí ìsàlẹ̀ àpò, níbi tí òwú wẹ́wẹ́ tó ya lára aṣọ àti eruku ara owó ń kó jọ sí. Òógùn àti ọ̀rá ọwọ́ á tún pò wọ́n pọ̀, pàápàá bí ọyẹ́ bá ti kó eruku tirẹ̀ dé. Ní báyìí, oníbàárà ń pè é, kò gbọ́. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí Wáàsáàpù, àfi kó gbé fóònù sétí.

Kó tó fọwọ́ kan ihò kankan, kó bọ́ páùṣì kúrò lára fóònù. Páùṣì tí ihò rẹ̀ kò bá ti fóònù mu lè dá wàhálà yìí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó wò ó bóyá Búlútúùtù wà ní títàn tí ohùn ń gba ibòmíràn lọ. Lẹ́yìn náà, kó fi íàpíìsì gbọ́ ohùn kan náà. Bó bá mọ́ tó sì ròkè nínú íàpíìsì, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò ní àléébù, ọ̀dọ̀ sípíkà tàbí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Sàmúsọ́ngì, ẹ lè tẹ èyí síbi tẹ́ ẹ ti ń pe nọ́ńbà:

```
*#0*#
```

Ẹ ó rí `Speaker` fún sípíkà ìsàlẹ̀ àti `Receiver` fún èyí tá a ń gbé sétí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ gbọ́ ọ.

Ó tún gbọ́dọ̀ mọ ihò tó jẹ́ ti sípíkà. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ní ihò lọ́tùn-ún àti lósì ojú ihò ṣájà, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan péré ni sípíkà wà, máìkì ló wà lẹ́yìn èkejì. Kó jẹ́ kí ohùn máa dún, kó fi ìka dí ẹ̀gbẹ́ kan, kó tún dí èkejì. Èyí tó bá dí tí ohùn sì rẹlẹ̀ ni ti sípíkà. Ihò kan ṣoṣo tó dá dúró, tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, máìkì ló sábà máa ń jẹ́. Kó má fi nǹkan kan tọ́ ọ láé.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í ṣe, tó sì wúlò gan-an. Kó gbé fóònù lé tábìlì, kó pa fáànù, kó fi fọ́lúùmù sí ìdajì, kó gbé ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí i, kó wá fi fóònù mìíràn gbà á sílẹ̀ láti ìwọ̀n ìṣísẹ̀ kan. Bó bá ti nu sípíkà tán, kó tún gbà á lọ́nà kan náà, lórí tábìlì kan náà, kó fi méjèèjì wéra. Etí ẹni tó ti ṣe làálàá máa ń fẹ́ gbọ́ pé ó ti dáa.

Iṣẹ́ gan-an wá dé. Kó pa fóònù, kó yọ ṣájà. Bí ìdọ̀tí bá ṣì tutù, kó jẹ́ kó gbẹ, torí ìdọ̀tí tútù ń lẹ̀ mọ́ àwọ̀n ni, kì í kúrò. Kó wá búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun tó rọ̀, tí omi tàbí ọṣẹ kò tíì kàn rí. Kó gbé fóònù sókè kí ihò sípíkà kọjú sílẹ̀, kí ohun tó bá já lè bọ́ sílẹ̀ dípò kó wọnú. Kó wá fi ṣóńṣó irun búrọ́ọ̀ṣì gbá ojú ihò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, fẹ́ẹ́rẹ́-fẹ́ẹ́rẹ́, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá gbá a bíi ìgbà márùn-ún, kó nu búrọ́ọ̀ṣì mọ́ aṣọ funfun kó rí ohun tó ń jáde. Ìṣẹ́jú 2 sí 3 ti tó. Kó tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe tààrà sójú ihò, torí ìmọ́lẹ̀ tó ti ẹ̀gbẹ́ wá ló ń fi òwú tó ṣì há hàn.

Èyí tí búrọ́ọ̀ṣì ò bá mú, sẹ́lótéèpù á mú un. Kó gé e tó gígùn ìka, kó wé e mọ́ orí ìka kí ojú tó ní gọ́ọ̀mù wà níta, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò díẹ̀, kó sì gbé e kúrò tààrà. Kó má fà á lọ fà á bọ̀, kí gọ́ọ̀mù má bàa kù síbẹ̀. Ojú tuntun ni kó máa lò nígbà kọ̀ọ̀kan, títí tí sẹ́lótéèpù á fi máa jáde ní mímọ́. Àwọn kan fẹ́ràn amọ̀ rírọ̀ tí wọ́n fi ń lẹ pépà mọ́ ògiri. Èmi ò fara mọ́ ọn nínú ooru Èkó: ó máa ń rọ̀ jù, díẹ̀ lára rẹ̀ á já sínú ihò, á wá di ìdíwọ́ tuntun.

Irin kíkúnná ní tirẹ̀ yàtọ̀. Sípíkà ní òòfà nínú, òòfà náà sì ń fa irin kíkúnná mọ́ ojú àwọ̀n. Fóònù àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ládípọ̀, àwọn tó ń lọ irin àti àwọn tó ń gé kọ́kọ́rọ́ ló sábà máa ń ní in. Búrọ́ọ̀ṣì máa ń gbá a lọ, òòfà á sì tún fà á padà. Sẹ́lótéèpù ló tọ́ sí i látìbẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ọ́ kedere nípa àwọn ohun tí kò yẹ. Abẹ́rẹ́, píìnì síìmù àti igi ìtayín ń lu àwọ̀n, bí wọ́n bá sì kọjá àwọ̀n, wọ́n lè dé awọ sípíkà. Ẹ ó mọ̀, torí ohùn tó dí tẹ́lẹ̀ á wá máa ta pàrà-pàrà. Ẹ má gbé fóònù lọ bá fọkanáísà kó fi ẹ̀rọ táyà fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ yẹn lágbára ju ohun tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè gbà lọ, omi àti ọ́ìlì sì máa ń wà nínú rẹ̀. Kí ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́. Bulówà gbígbóná tí àwọn oníṣẹ́ fóònù ń lò ń yọ́ gọ́ọ̀mù tó mú àwọ̀n. Sípíríìtì pẹ̀lú ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún ń fọ ìdọ̀tí wọnú lọ. Ní ti àwọn áàpù tó ń dún wùù láti fi "fọ" sípíkà, omi ni wọ́n lè ràn lọ́wọ́ láti tì jáde; òwú tó ti há kò mọ̀ wọ́n.

Sípíkà òkè tá a ń gbé sétí, pàúdà àti òógùn ojú ló ń dí i. Bí ariwo dánfó bá ti pọ̀, a máa ń tẹ fóònù mọ́ etí gidi, ìyẹn á sì tún tẹ púpọ̀ sí i wọlé. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá gíláàsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú fóònù ti bo apá kan ihò náà. Lẹ́yìn náà, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ àti sẹ́lótéèpù, bákan náà.

Bí oníléèsì wa bá ti ṣe gbogbo èyí lẹ́ẹ̀mejì, tí ohùn kejì kò sì yàtọ̀ sí àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí ìdọ̀tí ti dì gbagidi mọ́ àwọ̀n, àfi kí wọ́n ṣí fóònù. Bó bá dé Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹjà, kó sọ fún oníṣẹ́ pé kó yọ àwọ̀n kúrò ná, kó jẹ́ kí sípíkà dún láìsí i. Bí ohùn bá ròkè, àwọ̀n nìkan ni kí wọ́n pààrọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti sípíkà. Bó bá jẹ́ fóònù tí omi kì í wọ̀, kó béèrè pé kí wọ́n lo gọ́ọ̀mù tuntun yíká nígbà tí wọ́n bá ń dé e padà, torí ti tẹ́lẹ̀ ti já nígbà tí wọ́n ṣí i.