Kì í ṣe gbogbo ọmọ 1990 ni Ẹṣin

“Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bí ní 1990, Ẹṣin ni ẹranko rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà.”

Rárá o. Lóòótọ́, ẹranko kan ni wọ́n ń fi pe ọdún kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ kọ́ ni ẹranko ń yí padà. Òṣùpá ni wọ́n ń wò: òṣùpá tuntun tó sábà máa ń jẹ́ èkejì lẹ́yìn ọjọ́ tí ojúmọmọ kúrú jù lọ nínú oṣù Ọ̀pẹ ló ń mú ọdún wọn wọlé. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ náà fi ń sún láàárín 21 oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí nǹkan bí 20 oṣù Èrèlé.

Ní 1990, ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ló bọ́ sí. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 15 oṣù yẹn ṣì wà nínú ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní 6 Èrèlé 1989. Ejò ni.

Èròjà rẹ̀ náà yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á tún ẹranko ṣe, wọ́n á gbàgbé èròjà. Igi, iná, ilẹ̀, irin àti omi ló wà, ọdún méjì-méjì sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò. Ilẹ̀ ló ni 1988 àti 1989, irin ló ni 1990 àti 1991. Ejò Ilẹ̀ ni ẹni yìí, kì í ṣe Ẹṣin Irin.

Àwọn awòràwọ̀ kan wà ṣá tí wọn kì í tẹ̀ lé òṣùpá. Nǹkan bí 4 Èrèlé, tí ìgbà ìrúwé bẹ̀rẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà wọn, ni wọ́n ti ń ka ọdún. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tí wọ́n bí ní 30 Ṣẹ́rẹ́ 1990 pàápàá, Ejò ni.